Bí Ẹnu Bá Ṣi Oyè Àlejò Pè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò kan owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò kan owó àfikún. Ó kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a máa ń sọ fún pé kí wọ́n gba màkìrófóònù, kí wọ́n fi àlejò han ìpàdé.

Ní ìpàdé kan ní ẹ̀ka wa, arákùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ ni a fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ó ti há gbogbo ìtàn àlejò náà sórí, láti ọdún tó wọ ẹgbẹ́ títí dé ipò tó wà. Ó dé àárín, ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀. Àlejò ti ń dìde lórí àga nígbà yẹn. Arákùnrin wa ní kí a má bínú. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó ní iṣẹ́ òru ni òun ti dé, òun kò sì fojú ba oorun. Ó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, àlejò kò sì mọ̀ bóyá kí òun dìde tán ni tàbí kí òun padà jókòó.

Nígbà tí àwọn kan ń fi arákùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìpàdé, àwa sọ fún wọn pé gbígbàgbé kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ta ni kì í gbàgbé? Àlàyé tó ń ṣe ló ba nǹkan jẹ́, nítorí pé àlejò ni a fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, òun wá sọ ọ́ di ìtàn ara rẹ̀.

Ohun tí à bá fẹ́ kó ṣe rèé. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, kí ó dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta máa ń dà bí odindi wákàtí lójú ẹni tó dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó á rò pé ó ń mí ni. Lẹ́yìn náà, kí ó tún gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn sọ, kí ó rọra sọ ọ́, bí awakọ̀ tó ṣìnà ṣe máa ń padà sí oríta tó mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tó sọnù á tẹ̀lé e wá. Bí kò bá wá, kí ó fò ó, kí ó lọ tààrà sí oyè àti orúkọ àlejò, kí ó ní kí a pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo wa tí a wà ní gbọ̀ngàn, ta ló mọ̀ pé ó ku ìlà mẹ́rin? Kò sí ẹnì kan.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹni tó máa fi àlejò hàn má ṣe há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun tí a há sórí dà bí ṣéènì: bí ojú kan bá já, gbogbo rẹ̀ já. Kí ó mú pépà kékeré kan lọ́wọ́, kí ó kọ oyè àti orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà, kí ó sì fi àtàǹpàkò dì í mú níbẹ̀. Ibi yòówù tí ọkọ̀ bá ti takú, ó mọ ibi tí òun ń lọ.

Ṣùgbọ́n oyè kò ṣeé fò. Bí ẹnu bá sì ṣì í pè, kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní àlejò wa wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Akọ̀wé tẹ pépà náà láìfi àmì sí i, ó kọ "Olowo" àti "Owo". Ẹni tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè á dìde, á sì pe ọba ní Olówó, bí ẹni pé owó ló ń kà. (Ọ̀wọ̀ ni a ní kí ó fi wọ̀ wọ́n, owó ló fi kí wọn.) Bí ojú rẹ̀ bá sì kánjú, ó lè kà á sí Olówu, èyí tí í ṣe ọba àwọn Òwu.

Kí ni kí ó ṣe? Kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í pè. Ọlọ́wọ̀ ti ìlú Ọ̀wọ̀." Kí ó pe oyè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe kí ó kàn tún ibi tó kọsẹ̀ sọ, nítorí pé etí àwọn èèyàn kò ní í so àjákù méjì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ké láti ẹ̀yìn pé "Ọlọ́wọ̀ ni o!", kí ó ní "Ẹ ṣé", kí ó pè é bó ti yẹ. Kí ó má bá a jiyàn.

Àwọn kan á ní kí ó fi ṣe àwàdà, kí ó ní owó ló pọ̀ lọ́wọ́ Kábíyèsí. Àwa kò fara mọ́ ọn. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ bo ojú ẹni tó ṣì í sọ, ó sì tú aṣọ lára ẹni tí wọ́n ṣì pè. Ẹni tí wọ́n ṣì pè ló ni àwàdà náà bó bá wù ú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 2014, níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn fíìmù tí wọ́n ń pè ní Ọ́síkà. Òṣèré John Travolta fẹ́ fi akọrin Idina Menzel hàn, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Adele Dazeem". Kò padà sẹ́yìn láti tún un pè. Obìnrin náà jáde, ó kọ orin rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí kò sí rárá ti gba ayé kan. Ní ọdún 2015, orí ìtàgé ayẹyẹ kan náà, obìnrin yìí ló fi Travolta hàn, ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní "Glom Gazingo", ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Òun ló ni ẹ̀rín náà, ó sì tọ́ sí i.

Ó ku àṣìpè kan tó wọ́pọ̀ láàárín wa, tí a kì í kà sí àṣìpè. A máa ń pe igbákejì akọ̀wé ní akọ̀wé àgbà, àlejò á rẹ́rìn-ín músẹ́, àwa náà á dákẹ́, nítorí pé ó dà bí ẹni pé a gbé e ga. Ó yẹ kí a tún un ṣe kíákíá bíi ti èkejì. Ìbò ni a fi yan àwọn èèyàn yìí sípò, ẹni tó ni ipò náà yóò sì gbọ́. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn àtẹ́wọ́ ni olùdarí ètò tó rántí, kí ó rọra lọ bá àlejò níbi tó jókòó, kí ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọ̀rọ̀, kí ó pe ipò rẹ̀ gan-an sétí gbogbo ìpàdé.

Arákùnrin wa awakọ̀ ti ní òun kò tún gba màkìrófóònù mọ́. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. A ti fi orúkọ rẹ̀ sí ètò ìpàdé tó ń bọ̀, a sì ti sọ fún akọ̀wé pé kí ó fi àmì sí gbogbo oyè tó wà nínú pépà, kí ó sì fún un ní tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.