Irun Tí Ó Di Fìlà: Ìmọ́lẹ̀ Ni Kí Ayàwòrán Kọ́kọ́ Wá, Kí Ó Tó Wá Àwọ̀

Kò sí onídìrí tí ó mọṣẹ́ tí yóò da aró aláwọ̀ wáìnì lé irun dúdú kirikiri, kí ó sì máa retí pé yóò hàn kedere. Ó mọ̀ pé dúdú yóò gbé e mì. Bílíìṣì ni yóò kọ́kọ́ lò kí dúdú inú irun lè dín kù, lẹ́yìn náà ni aró yóò tó wọlé. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán tí ń yí àwọ̀ irun padà lórí kọ̀m̀pútà kò ka òfin yìí sí. Wọn a mú búrọ́ọ̀ṣì, wọn a kun orí oníbàárà bí ẹni ń kun ògiri, irun a sì di fìlà pupa.

Nínú Photoshop, àwọ̀ tí a bá fi sí Normal máa ń bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjìji tí ó wà láàárín àwọn fọ́nrán irun yóò pòórá, dídán orí wọn yóò sì lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì yìí ni ojú fi ń mọ̀ pé irun ni òun ń wò. Ẹni tí ó bá mọ èyí a yí Normal sí Color, nítorí Color kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tí ó wà nílẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni ó ń pààrọ̀. Lórí irun òyìnbó tí ó mọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ parí síbẹ̀. Lórí irun dúdú, ó sábà máa ń dà bí ẹni pé kò sí ohun tí a ṣe. Láti 0, tí í ṣe dúdú pátápátá, dé 255, tí í ṣe funfun, ni kọ̀m̀pútà ń ka ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ó bá wà ní 15 kò ní ìmọ́lẹ̀ tí wáìnì lè fi hàn. Níbí ni sùúrù ti ń tán, tí ayàwòrán yóò fi padà sí Normal.

Ká ní arábìnrin kan fẹ́ kí irun àfúrò òun di aláwọ̀ wáìnì nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀. Select and Mask ni a ó fi yan irun náà, a ó sì fi Refine Edge Brush tọ eteetí rẹ̀, kí àwọn fọ́nrán tí ó yọ síta lè wọlé. Lẹ́yìn èyí ni Curves, tí í ṣe bílíìṣì orí kọ̀m̀pútà. A ó fi ìsàlẹ̀ ìlà rẹ̀ sílẹ̀ ní 0, kí òjìji tí ó jìn jù má baà ṣí, a ó wá gbé ibi tí ó wà ní 40 lọ sí nǹkan bí 75. Fọ́nrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára fọ́nrán. Bí ó bá jẹ́ èérún pupa àti aláwọ̀ ewé wínníwínní ni ó ń jáde dípò fọ́nrán, a jẹ́ pé kámẹ́rà kò rí irun náà dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Wáìnì tí ó súnmọ́ dúdú ni kí a fi mọ.

Ìgbà yìí ni Solid Color tó dé, lórí Color, pẹ̀lú Opacity bí 60%. Ṣùgbọ́n dídán ṣì kù. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà lára èèpo fọ́nrán irun kì í wọnú rẹ̀, nítorí náà àwọ̀ iná tàbí ti oòrùn ni ó máa ń ní, kì í ṣe àwọ̀ irun. Bí ibi tí ó ń dán jù bá pọ́n bákan náà pẹ̀lú ìyókù, ojú yóò fura. Nínú Blend If, ní apá Underlying Layer, a ó di Alt mú, a ó sì pín àmì funfun sí méjì, ọ̀kan ní 130, èkejì ní 200. Àwọ̀ yóò máa rọra yọ́ kúrò bí dídán ti ń pọ̀ sí i. Níwájú orí, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni a ó fi dín àwọ̀ kù lórí irun wẹ́wẹ́, kí awọ orí má baà pọ́n. A lè wá fi Black & White bo gbogbo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láti yẹ̀ ẹ́ wò: bí irun bá tẹ́ pẹrẹsẹ, fọ́nrán ti sọnù.

Ẹni tí ó bá ṣe é dáadáa ti ṣe ohun tí ó lè tan ènìyàn jẹ. Àwọn onídìrí kan máa ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pe oníbàárà bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Gbígbé 40 lọ sí 75 kò gba ìṣẹ́jú kan lórí kọ̀m̀pútà. Lórí ènìyàn, bílíìṣì ni, irun tí a sì ti fi rìlásà nà tẹ́lẹ̀ lè já lábẹ́ rẹ̀. Kí ayàwòrán kọ ọ́ sára fọ́tò náà pé kọ̀m̀pútà ni ó pa irun yìí láró, kí ó tó gbé e fún onídìrí kankan.