Ọmọ Tó Ń Fọ Ọwọ́ Kọ́ Ló Yẹ Kó Pàtẹ́wọ́

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Kúbúwà, l'Àbújá. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò náà bẹ̀ mí pé kí n ṣe orin kan fún ọwọ́ fífọ̀, èyí tí àwọn ọmọ yóò máa ka òǹkà sí, tí wọn yóò sì máa pàtẹ́wọ́ sí. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan péré ni yóò gbà mí. Ó gbà ju oṣù kan lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà.

Mo kọ́kọ́ lọ yá ohùn orin òyìnbó kan. Ọmọ ọdún méje kan dá mi dúró: "Àǹtí, ṣé ọwọ̀ la fẹ́ fọ̀ ni?" Ó kù díẹ̀ kí n bínú, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́ dáadáa. Orin lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ gòkè, ọwọ́ wa sì di ohun tí a fi ń gbálẹ̀. Mo ju orin yẹn nù. Mo ní kí àwọn ọmọ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán, ibi tí ohùn wọn bá gbà ni mo jẹ́ kí orin gbà.

Ìkùnà kejì jẹ́ ti àkókò. Ọ̀nà mẹ́fà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún fífi ọṣẹ ra ọwọ́: àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, ẹ̀yìn ìka, àtàǹpàkò, ṣóńṣó ìka àti èékánná. Ó yẹ kí rírà náà tó ogún ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán. Mo fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní òǹkà mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mẹ́rìnlélógún, àwọn ọmọ sì ń ka bíi méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ni orin mi parí, ọṣẹ kò tíì hó dáadáa.

Lílé àti ègbè ló yọ mí. Ẹni tó ń lé orin a pe ibi tí a fẹ́ rà, fún ìlù mẹ́rin. Àwọn yòókù a fi òǹkà gbè é, fún mẹ́rin mìíràn:

Lílé: Ẹ ra àtàǹpàkò yín o.
Ègbè: Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Nígbà lílé, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rà. Nígbà ègbè, wọ́n yí sí òsì. Ìlù méjìdínláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa ọmọ, orin a máa sáré. Bí wọ́n bá ka mẹ́ta dípò méjì, ó di mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, olùkọ́ ni kó lé orin, kì í ṣe ọmọ tó yára jù.

Ìkùnà kẹta ló tì mí lójú jù. Mo fi ẹfun búlúù lílọ̀ pò mọ́ fasilíìnì díẹ̀, mo fi pa ọwọ́ ọmọ mẹ́jọ, mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ̀lú orin. Àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ tónítóní. Búlúù ṣì wà lára àtàǹpàkò àti lábẹ́ èékánná. Kí ló fà á? Wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló ń fi kan ara wọn, kò ráyè àtàǹpàkò rárá. Orin tó dùn jù lẹ́nu wọn ló ń gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: kí àwọn tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́, kí ẹni tó wà nídìí omi ra ọwọ́. Ìlà a máa gùn nílé ìwé, pàápàá níbi tó jẹ́ garawa ẹlẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, irú èyí tí Veronica Bekoe ará Gáánà ṣe, ni gbogbo kíláàsì ń lò. Àwọn tó ń dúró di onílù, ọwọ́ wọn ń ríṣẹ́ ṣe, wọ́n sì ń kọ́ orin náà kó tó kàn wọ́n. Nígbà tí a dán ẹfun wò lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ méjì péré nínú mẹ́jọ ni búlúù kù sí lábẹ́ èékánná.

Àwọn kan yóò sọ pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí. Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èékánná yẹn ni wọn yóò fi jẹ ẹ̀bà. Lọ́sẹ̀ tí ọṣẹ tán nílé ìwé náà, àwọn ọmọ ṣì ń kọ orin, wọ́n ń fi omi lásán ra ọwọ́, inú àwọn àgbà sì ń dùn sí wọn. Olùkọ́ náà ló fòfin lé e: bí kò bá sí ọṣẹ, kò sí orin. Láti ọjọ́ náà, bí ilé ìwé bá dákẹ́ lákòókò oúnjẹ, ọ̀gá àgbà mọ ohun tó kàn láti rà.