Tíkẹ́ẹ̀tì Pọ́ọ́kú: Ẹ Má Tíì Di Ẹrù

Lọ́jà Gbági n'Íbàdàn, bí ìyá aláṣọ bá ṣèèṣì pe aṣọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kíá ni yóò pariwo pé òun ṣìwí, kí owó tó kúrò lápò oníbàárà. Òwò tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń pe iye, òun náà ló ń gbowó, ó sì lè ti tà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kí olówò tó jí lójú oorun.

Àṣìṣe yìí lè jẹ́ òdo kan tó bọ́ lára iye. Ó lè jẹ́ owó epo tí wọ́n gbàgbé láti fi kún owó ìjókòó. Ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù ni ti pàṣípààrọ̀ owó. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ bàálù United ṣí fún orílẹ̀-èdè Denmark ń ta fáàsì kíláàsì láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Newark ní Amẹ́ríkà ní 491 kúrónì, nǹkan bíi dọ́là 75. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ló yẹ kí ìjókòó náà jẹ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá United ṣírò owó ló ṣi kúrónì náà ṣẹ́. Àwọn èèyàn tí kò gbé Denmark rí rọ́ wọ ìkànnì náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Denmark ni àdírẹ́sì káàdì àwọn, wọ́n sì rà.

United wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Àwọn tó rà á fẹjọ́ sun ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà, wọ́n sì pàdánù ẹjọ́ náà, nítorí irọ́ àdírẹ́sì ni wọ́n fi dé ìdí iye ọ̀hún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹ̀ka ìjọba yìí kéde pé òun kò ní fagbára mú ilé-iṣẹ́ kankan gbé èrò ní iye tó jẹ́ àṣìṣe, bí ó bá ti lè fi hàn pé àṣìṣe ni lóòótọ́, tó dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, tó sì san owó mìíràn tí èrò ti ná nítorí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ìrìn-àjò tó kan Amẹ́ríkà nìkan ni ìlànà yìí bò.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019, Cathay Pacific náà ṣìṣe. Bísíńẹ̀sì kíláàsì àlọ àti àbọ̀ láti Da Nang ní Vietnam sí New York, tó máa ń tó nǹkan bíi dọ́là 16,000, kò tó dọ́là 700. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìṣe, ó sì gbà láti gbé gbogbo ẹni tó ti rà á. Àṣìṣe kan náà, àbájáde méjì. Ẹni tó ń rà á kò lè mọ èyí tí yóò bá pàdé.

Ẹni tó mọ iye tí ọ̀nà kan sábà máa ń jẹ́ ló ń tètè rí irú àṣìṣe báyìí. Ẹ̀dínwó gidi sábà máa ń ní ìkéde. Bí iye ìjókòó iwájú bá kéré ju ti ẹ̀yìn lọ nínú bàálù kan náà, láìsí ìkéde kankan, àṣìṣe ló jọ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó, ìwé tí yóò kọ́kọ́ dé máa ń ní àmì mẹ́fà, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ìyẹn kàn fi hàn pé wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún yín ni. Tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ní nọ́ńbà mẹ́tàlá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín: 016 ni ti United, 160 ni ti Cathay. Aṣojú lè ti gbowó láìtíì gbé nọ́ńbà yìí jáde, nítorí náà, ẹ wò ó lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tó ti jáde pàápàá ṣì ṣeé wọ́gi lé.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò gan-an nìyí. Ká ní ará Èkó kan ra ti Da Nang yẹn ní dọ́là 700. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Da Nang. Ó tún fi dọ́là 1,200 ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ síbẹ̀, ó san owó físà, ó sì san owó hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í dá padà. Bí wọ́n bá wọ́gi lé ti àkọ́kọ́, dọ́là 700 ni yóò dájú pé ó padà. Èyí tó kù di ẹjọ́ tí yóò máa rò, pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé káàdì náírà ló fi sanwó, ọjọ́ tí owó náà bá padà ni wọn yóò tún un ṣẹ́, ó sì lè má tó iye tó jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rà á bí ẹ bá rí i, àmọ́ kó jẹ́ owó tó lè há fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìpa yín lára. Ẹ má purọ́ àdírẹ́sì. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí nọ́ńbà mẹ́tàlá bá jáde, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan mìíràn lé e.