Òjò Ojú Fóònù àti Òjò Inú Oko: Ìyàtọ̀ Tó Wà Láàárín Àjọrìn àti Okùnfà

Ohun méjì lè máa ṣẹlẹ̀ pọ̀ lọ́dọọdún, kí ọ̀kan máa yọjú nígbàkigbà tí èkejì bá ti yọjú, síbẹ̀ kí ó má jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló ń fa èkejì. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí pè ní àjọrìn. Okùnfà ní tirẹ̀ ni ohun tó jẹ́ pé, bí ó bá yí padà, ohun tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà yóò yí padà. Ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, lékeléke máa ń pọ̀ lójú ọ̀run nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a ṣí lọ sí ìhà àríwá. Ẹ̀ẹ̀rùn àti lékeléke jọ ń rìn, ṣùgbọ́n bí gbogbo ará ìlú bá tilẹ̀ lé lékeléke dànù, òjò kò ní í fi ọjọ́ kan ṣáájú àkókò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà nígbà tó bá jẹ́ ti ẹyẹ. Ìgbà tó bá gba inú fóònù wá, pẹ̀lú àwọ̀ búlúù àti nọ́ńbà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé rẹ̀.

Àwọn áàpù ojú ọjọ́ kan máa ń ní ojú ìwé tó ń sọ iye òjò tó rọ̀ sórí oko lánàá. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ẹnìkan ló wọn òjò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibùdó tí wọ́n ti ń fi ohun èlò wọn òjò kò pọ̀ tó ní Nàìjíríà, wọ́n sì jìnnà síra, nítorí náà ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò kọ̀ǹpútà tàbí ohun tí sátẹ́láìtì rí láti ojú sánmà. Sátẹ́láìtì Meteosat àkọ́kọ́, tó ń wo ilẹ̀ Áfíríkà láti òkè, gbéra ní ọdún 1977, ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní TAMSAT, èyí tó ń fi àwòrán irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ fojú díwọ̀n òjò Áfíríkà. Ohun tí sátẹ́láìtì náà ń kà ni ìtànṣán ooru tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tó ń jáde láti orí ìkùukùu. Bí orí ìkùukùu bá tutù kọjá ààlà kan, bí àpẹẹrẹ ìwọ̀n 38 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, wọ́n á ka iye wákàtí tó fi wà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi ohun tí àwọn ibùdó díẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti wọ̀n sọ wákàtí náà di mílímítà òjò. Sátẹ́láìtì náà kò rí òjò rárá. Òtútù orí ìkùukùu ló rí.

Kí ló mú kí òtútù orí ìkùukùu àti òjò jọ máa rìn? Atẹ́gùn tútù tó kún fún omi máa ń fẹ́ wọlé láti orí òkun gúúsù. Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn yìí á gòkè, omi inú rẹ̀ á di ẹ̀kán kéékèèké, ooru tó ń jáde nígbà tí omi ń di ẹ̀kán á sì tún tì í gòkè sí i. Gígòkè yìí ló ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń gbé orí ìkùukùu dé ibi tí òtútù ti mú gan-an, ó sì ń mú kí ẹ̀kán omi tóbi títí wọn yóò fi wúwo, tí wọn yóò sì já bọ́. Ìgòkè atẹ́gùn tó ru omi ni okùnfà méjèèjì. Òtútù kì í fa òjò, òjò kì í fa òtútù. Orísun kan náà ni wọ́n ní, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń jọ rìn, títí di ìgbà tí ohun mìíràn bá yà wọ́n nípá.

Ohun tó ń yà wọ́n nípá kì í jìnnà ní agbègbè Ìwó, pàápàá ní oṣù Kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì láti ìlà oòrùn. Ìkùukùu ìgbà yẹn máa ń ga fíofío, afẹ́fẹ́ òkè a sì tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ dé ibi tó jìnnà sí ibi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé òjò lè rọ̀ ní abúlé kan kí orí ìkùukùu sì bo abúlé mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ìkùukùu ṣì gbẹ lásìkò yẹn, ó sì lè fa apá kan nínú òjò náà gbẹ kí ó tó kan ilẹ̀. Sátẹ́láìtì yóò rí òtútù lórí gbogbo rẹ̀, áàpù yóò sì kọ òjò fún gbogbo rẹ̀.

Ìtàn àgbékalẹ̀ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Àgbẹ̀ ọ̀dọ́ kan ń gbé ní àárín ìlú Ìwó, oko rẹ̀ tó jẹ́ éékà méjì sì wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ilé-Ogbó. Oṣù Kẹfà ọdún kan ló gbé áàpù kan tó ń lo ohun tí sátẹ́láìtì rí sórí fóònù rẹ̀, bí áàpù náà bá sì ti sọ pé òjò rọ̀, yóò bá oko rẹ̀ ní tútù bó bá débẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì jà lóru, àrá sán, áàpù sì kọ mílímítà 22 fún oko rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó tún kọ 9. Àgbẹ̀ náà ti gbọ́ nípa ìlànà kan tí àwọn onímọ̀ máa ń lò, pé mílímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀ ìgbìn, bí ọ̀dá kò bá tẹ̀ lé e. Ó ti ní 31 lọ́wọ́, ìyẹn lójú fóònù. Mílímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí mítà kan níbùú lóròó, nítorí náà ohun tí áàpù sọ ni pé ó lé ní lítà 250,000 omi tó wọ ilẹ̀ éékà méjì náà. Ó gba alágbàṣe, wọ́n sì gbin àgbàdo tó tó nǹkan bíi kílò 16 lọ́jọ́ kan. Ojú ebè tutù díẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ewé tó jáde kò pọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà fa àdá yọ, ó sì gbẹ́ ebè mélòó kan. Àwọn irúgbìn kan ti wú, wọ́n sì ti rà. Àwọn mìíràn ti yọ gbòǹgbò funfun kan tó ti gbẹ bí òwú. Ọ̀rinrin kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ sísàlẹ̀, erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń dà nù bí eérú.

Ọ̀dọ́ náà ní, “Bàbá, ẹ wò ó, mílímítà 31 ni wọ́n kọ síbí.”

Bàbá náà dáhùn pé, “Ọmọ mi, ṣé òjò inú fóònù ni àgbàdo ń mu?”

Àwọn ojúgbà rẹ̀ kan gbà á níyànjú pé kí ó yọ áàpù náà kúrò, nítorí pé òun ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìdájọ́ yìí náà kò tọ̀nà. Ohun tó pa irúgbìn ni pé omi inú ilẹ̀ kò tó èyí tí yóò gbé wọn dé ìgbà òjò mìíràn, ẹni tó bá sì gbìn lọ́jọ́ náà láìní fóònù rárá, ohun kan náà ni ìbá bá pàdé. Àṣìṣe ọ̀dọ́ náà ni pé ó mú àjọrìn tó rí ní oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ káàkiri, ó sì gbé e lọ sí oṣù Kẹta, bí ẹni pé òtútù orí ìkùukùu ló ń da omi sílẹ̀ nígbàkigbà.

Ní àárín oṣù Kẹrin ó tún gbìn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó wá agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì gbé e sórí òpó kúkúrú ní gbangba oko, níbi tó jìnnà sí igi tó wà nítòsí tó ìlọ́po méjì gíga igi náà, kí ewé má baà dí òjò lọ́wọ́. Láràárọ̀ ni ó ń fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì ń da omi náà nù. Nígbà tí oṣù Kẹfà parí, ó ka ìwé náà. Ọjọ́ 17 ni áàpù sọ pé òjò rọ̀, agolo sì ní omi ní 14 nínú wọn. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ì bá tún sọ pé áàpù náà kì í tàsé. Àmọ́ ó ka àwọn ọjọ́ 13 tí áàpù sọ pé kò sí òjò, ó sì rí i pé omi wà nínú agolo ní mẹ́fà nínú wọn. Nínú oṣù tí òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ 20, ẹni tó bá ń sọ “òjò rọ̀” lójoojúmọ́ láìwo òkè yóò gba 20 nínú 30. Apá kan nínú ohun tó dà bí ọgbọ́n áàpù jẹ́ iṣẹ́ àsìkò òjò fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà tó sọnù yẹn kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ju àwọn mẹ́tàdínlógún lọ. Ní àsìkò tí atẹ́gùn òkun bá ti kún ilẹ̀, ìkùukùu tí kò ga, tí orí rẹ̀ kò sì dé ibi òtútù, lè rọ òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ fún wákàtí púpọ̀, sátẹ́láìtì tó ń wá òtútù kò sì ní í kà á sí òjò. Òtútù wà láìsí òjò ní oṣù Kẹta; òjò wà láìsí òtútù ní oṣù Kẹfà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan jẹ́ okùnfà tàbí ó kàn ń bá a rìn, irú ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kò jọ yọjú ni ó yẹ kí a wá kàn, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n jọ yọjú kì í fi ìyàtọ̀ hàn.

Síbẹ̀ áàpù náà kò di ohun ìkọ̀sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ náà ro òjò ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀, iye tí áàpù kọ àti iye inú agolo súnmọ́ra ju ti ojoojúmọ́ lọ, nítorí pé èyí tí áàpù fi kún un lónìí àti èyí tó fò lọ́la ń bo ara wọn. Àròpọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni ó yẹ kí àgbẹ̀ máa wò lójú fóònù, kí ó sì fi wé àsọtẹ́lẹ̀ tí àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ìyẹn NiMet, máa ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nípa ìgbà tí òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ bóyá kí a gbìn lọ́la tàbí kí a dúró kì í ṣe ti sátẹ́láìtì: kí a gbẹ́ ebè ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú oko, kí a sì rí i pé ọ̀rinrin ti wọlẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 15 ó kéré tán, kí erùpẹ̀ ibẹ̀ sì dì mọ́ra bí a bá fún un lọ́wọ́. Bí erùpẹ̀ náà bá dà nù, kí àpò irúgbìn ṣì wà nílé, iye yòówù kí fóònù kọ.