Ẹ̀kọ́ Tí Tíràmádọ́ọ̀lù Kọ́ Ọpọlọ: Ìdí Tí Ìtìmọ́lé Kò Fi Tó Láti Gba Ọmọ Ìbàdàn Sílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé kan ní Òjòó, n'Íbàdàn, wọ́n sì tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ìtìmọ́lé. Ilé ìtúnwàṣe ni wọ́n ń pè é. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń fa ọmọ tí oògùn ti wọ̀ lẹ́wù lé lọ́wọ́, nítorí wọn ò mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. A kò lè bú òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ta fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ilé tán. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ rẹ̀, ó sì yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ìtọ́jú yóò yí padà.

Ìṣòro náà kò kéré. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe fi hàn pé láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ló lo kódíìnì, tíràmádọ́ọ̀lù àti àwọn oògùn mìíràn tó jẹ́ ìbátan mọ́fíìnì láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni Mínísítà Ìlera ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn rí, fòfin de síróòpù ikọ́ oníkódíìnì. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí igbá ló lè dé. Kò kan ohun tí ọpọlọ ti kọ́.

Ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà ní agbedeméjì ọpọlọ tó ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì sí ibi tí ọpọlọ ti ń pinnu ohun tó yẹ kéèyàn sáré tẹ̀lé. Àwọn kan rò pé dopamíìnì ni adùn fúnra rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wolfram Schultz ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí nínú orí ọ̀bọ. Nígbà tí omi èso kọ́kọ́ kán sí ọ̀bọ lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jí gìrì. Lẹ́yìn tí ọ̀bọ ti mọ̀ pé iná kékeré kan máa ń tàn kí omi èso tó dé, ìgbà tí iná bá tàn ni wọ́n ń jí. Bí omi èso bá dé, wọn kì í mira. Bí iná bá sì tàn tí omi èso kò dé, wọ́n á dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní àkókò náà gan-an tó yẹ kó dé. Ní 1997, Schultz àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Peter Dayan àti Read Montague, kọ ọ́ síta pé ohun tí dopamíìnì ń ròyìn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun téèyàn ń retí àti ohun tó rí gbà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Ibi tí oògùn ti ń ṣe màdàrú nìyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti di sẹ́ẹ̀lì dopamíìnì lọ́wọ́ mú. Kódíìnì àti tíràmádọ́ọ̀lù ń pa àwọn adínilọ́wọ́ yìí lẹ́nu mọ́, dopamíìnì á sì máa tú jáde, yálà èèyàn retí oògùn náà tàbí kò retí rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n tí alájàpá fi àtàǹpàkò tẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni: kò ń sọ bí ọjà ṣe wúwo tó mọ́. Ní 2004, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mìíràn, David Redish, fi ìṣirò ṣàlàyé ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Oúnjẹ tó dùn kì í yani lẹ́nu mọ́ tó bá di ìgbà kẹwàá, ṣùgbọ́n kóró oògùn ìgbà ọgọ́rùn-ún ṣì ń sọ fún ọpọlọ pé, "Èyí dára ju bí o ṣe rò lọ." Ẹ̀kọ́ náà kì í wá parí.

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ máíkírà kan tó ń ná Ṣálẹ́ńjì sí Dùgbẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, oorun kò sì tó. Ẹnì kan ní gárèèjì fún un ní kóró tíràmádọ́ọ̀lù kan, ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù gbé e mì. Kí ó tó pé wákàtí méjì, ìrora ti lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́lété kò bí i nínú mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó ṣáájú ìtura náà sílẹ̀: àwọ̀ páálí oògùn, ojú ẹni tó fún un, òtútù ìgò, ariwo àwọn tó ń pe èrò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kóró kan ti di mẹ́ta, mẹ́ta ń lọ sí mẹ́fà. Dókítà kì í jẹ́ kí àgbàlagbà lo ju mílígíráámù 400 lọ lóòjọ́, nítorí bó bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì, ó sì lè dín èémí kù. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tún jáde lóru láti wá a.

Àwọn ẹbí gbé e lọ sí abúlé. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń yán, ikun ń dà nímú rẹ̀, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ara balẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbádùn. Ó padà sí Ṣálẹ́ńjì, ó rí páálí aláwọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan, àyà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ara ló gbàgbé oògùn. Ẹ̀kọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ohunkóhun tí ojú bá rí tó sì ń mú òùngbẹ oògùn dé, ìbáà jẹ́ ibì kan tàbí ẹnì kan, ni à ń pè ní àmì.

Ogun Fẹ́tínáàmù jẹ́rìí sí i láti ìhà kejì. Olùwádìí kan, Lee Robins, tọpa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí hẹroíìnì ti di bárakú fún lójú ogun. Nígbà tí wọ́n padà sílé, bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló tún di bárakú fún láàárín ọdún kìíní. Ilé kò ní àmì ojú ogun. Òótọ́ ni pé àmì nìkan kọ́: oògùn wọ́n ju ti ibẹ̀ lọ nílé, àbùkù sì wà lára rẹ̀. Dopamíìnì nìkan náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí Nàìjíríà, ẹnì kan nínú márùn-ún tó lo oògùn ló di ìṣòro fún. Àìríṣẹ́, ìrora tí kò rí dókítà àti ìbànújẹ́ ní ipa tiwọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí ń béèrè. Èkíní, kí òfin NDLEA ti 1989 má fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 dúró de ẹni tí wọ́n ká hẹroíìnì tàbí kokéènì mọ́ lọ́wọ́ láti lò fúnra rẹ̀. Kí ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ìtọ́jú. Ẹ̀wọ̀n náà ń mú èèyàn kúrò níbi àmì, lẹ́yìn náà ó ń dá a padà síbẹ̀ láìkọ́ ọ ní nǹkan kan.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: kí ìtọ́jú má parí lẹ́nu géètì. Ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní UCH, ṣùgbọ́n awakọ̀ Ṣálẹ́ńjì kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ fi nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ lórí ọ̀ràn yìí sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Agbowó, Bódìjà, Ríìngì Róòdù àti Ṣálẹ́ńjì, kí ó máa rí olùgbàtọ́jú fún ọdún kan ó kéré tán. Kí nọ́ọ̀sì náà bá a ka àwọn àmì tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó bá àwọn alábòójútó gárèèjì sọ̀rọ̀ láti gbé e lọ sí ojú ọ̀nà mìíràn, kí ó sì wá dókítà fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí oògùn nalọ́kósóònì, tó ń dá èémí ẹni tí irú oògùn wọ̀nyí ti fẹ́ pa padà, wà ní gbogbo ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún ẹbí lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń padà bọ̀ wálé. Ara tó ti sinmi oògùn fún oṣù mẹ́ta kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá tún lo kóró mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti àtijọ́, ó lè sùn kó má jí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé ilé ni ewu yìí pọ̀ jù, ìgbà náà gan-an sì ni kò sẹ́ni tó ń yọjú sí i lónìí.