Ẹ dákun, ẹ yé fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ fídíò

1/ Ta ló ní kí ẹ máa fi "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olólùfẹ́ mi" bẹ̀rẹ̀ fídíò? Mo mọ̀, ọmọ Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí fóònù kò tíì wọlé yín.

2/ Fídíò gèlè mi jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 34. Mo fi 5 kí èèyàn. Mo wo ìlà tó ń fi iye ẹni tó ṣì ń wò hàn: ó ti já wálẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan gèlè!

3/ Wọ́n ní kí n máa gé e kíákíá. Mo gé e, ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan. Irọ́ ńlá. Ìbẹ̀rẹ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ wọ́n sá níbi tí mo ti ń ṣẹ́ ẹ po, torí ojú ò rí ohun tí ìka ń ṣe.

4/ Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́? Gèlè ń yọ̀ bọ́ lórí mi, mo sáré dì í mú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú fídíò: "Ìdí tí gèlè rẹ fi ń bọ́", torí ọ̀pọ̀ kì í tan ohùn. Òkè ni mo kọ ọ́ sí. Àkọlé áàpù máa ń bo ìsàlẹ̀. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú àáyá 2, mo gé e sí ọwọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, 4 gbáko, títí ìṣẹ́po àkọ́kọ́ fi parí. Wọ́n dúró tì mí.

5/ Àmọ́ má fi gèlè tó ń bọ́ fà wá wọlé kí o wá máa polówó ìpara o. A máa sá.

6/ Ìparí ni mo ti kí wọn. Màmá mi ṣì ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.