Ta Ni Ń Gba Oorun Lọ́wọ́ Awakọ̀ Tírélà?

Nígbàkúùgbà tí tírélà bá yà kúrò lójú títì lóru, tí ó wọ inú igbó, tàbí tí ó kọ lu ọkọ̀ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì: wọ́n ní awakọ̀ sùn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a kì í béèrè ni pé, wákàtí mélòó ni ọkùnrin náà ti lò láìfojú ba oorun, àti pé ta ni ó ṣètò ìrìnàjò náà fún un? Èrò tiwa ni pé orí tábìlì akọ̀wé ni ọ̀pọ̀ irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì kúrò ní Àpápá rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìrìnàjò kan kí a ṣírò rẹ̀. Láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, pẹ̀lú òkè àti ihò ojú ọ̀nà, àti àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró káàkiri, awakọ̀ tírélà tí ó bá rí 50 kìlómítà rìn láàárín wákàtí kan, kí ó dúpẹ́. Nítorí náà, wákàtí 20 ni ọwọ́ rẹ̀ yóò fi wà lórí ìdarí ọkọ̀. Awakọ̀ wa jí ní agogo 5 ìdájí ọjọ́ Ajé, ó dé ibi ìkẹ́rù ní agogo 6, ó tò sórí ìlà, ó dúró, wọ́n kó ẹrù sí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó sì di agogo 12 ọ̀sán kí ó tó jáde ní ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé wo aago rẹ̀, ó ka wákàtí 20 síwájú, ó sì sọ fún oníbàárà ní Kánò lórí tẹlifóònù pé kí ó máa retí ẹrù rẹ̀ ní agogo 8 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìṣirò akọ̀wé náà pé, bí ó bá jẹ́ pé irin ni wọ́n fi ṣe awakọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni. Ní agogo 10 alẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí yóò ti kọjá Jẹ́bà, yóò ti pé wákàtí 17 tí ó ti jí. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ẹni tí kò bá sùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òpin fún awakọ̀. Bí ó bá pé wákàtí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Agogo 5 ìdájí ni wákàtí 24 yóò pé fún awakọ̀ wa, nígbà tí ó ku wákàtí 3 kí ó dé Kánò. Wákàtí náà gan-an sì ni ara ọmọ ènìyàn máa ń béèrè oorun jù, ì báà jẹ́ pé ó ti sùn tẹ́lẹ̀.

Báwo ni àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é? Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ní òfin kan, òfin 561 ti ọdún 2006, tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Ìlú Ọba kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 2020, ṣùgbọ́n kò pa òfin náà tì, òun náà sì ni àwọn ọmọ wa tí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀ ń tẹ̀ lé. Òfin náà ní bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ ní ọjọ́ kan, àfi ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ tí ó lè wà á dé wákàtí 10. Lẹ́yìn èyí, láàárín wákàtí 24 tí ó tẹ̀ lé ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wákàtí 11 gbáko gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi. Àyè díẹ̀ wà láti dín in kù sí 9 nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n gbèdéke gan-an ni a ó lò.

Gbólóhùn tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni “ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Òfin kò sọ pé ìgbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí yí. Fún awakọ̀ wa, agogo 6 òwúrọ̀ ni. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ni ó jókòó sí láti agogo 7 di agogo 11, kò sùn, kò sí nílé, ojú rẹ̀ sì wà lára ìlà kí ẹlòmíràn má baà gba iwájú rẹ̀. Wákàtí ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi òfin yìí wọn ìrìnàjò náà. Bí ìsinmi wákàtí 11 yóò bá parí ní agogo 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a jẹ́ pé agogo 7 alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ó gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ó jáde ní agogo 12, ó wakọ̀ dé agogo mẹ́rin àti ààbọ̀, ó sinmi ìṣẹ́jú 45 ní àgbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún wà á fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, ó sì sùn ní Ìlọrin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rin wákàtí 9 rẹ̀, ìyẹn 450 kìlómítà. Èyí tí ó kù lé díẹ̀ ní 200 kìlómítà, ó sì wọ Kánò ní ọjọ́rú kí ó tó di agogo 12 ọ̀sán. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìlérí akọ̀wé ju wákàtí 27 lọ. Oníṣòwò tí ó bá gbọ́ èyí yóò fọwọ́ sórí, yóò ní òfin òyìnbó yìí fẹ́ pa ọjà òun.

Ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí a yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ìṣirò náà. Ká ní wọ́n ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ará ibi ìkẹ́rù ṣe é láìsí awakọ̀ níbẹ̀, tí òun sì sùn nílé rẹ̀. Ó dé ní agogo 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gba ìwé ẹrù, ó sì gbéra. Bí ó bá lo wákàtí 10 tí òfin gbà láàyè ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti rin 500 kìlómítà nígbà tí ó bá di agogo márùn-ún àti ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ó jẹun, ó sùn. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ó sì wọ Kánò ní agogo márùn-ún àti ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Awakọ̀ kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, òfin kan náà ni, kò sì wakọ̀ ní òru rárá. Wákàtí 6 tí a fi ṣòfò ní ibi ìkẹ́rù ni ó di wákàtí 18 ní Kánò. Olùkọ́ tí ó bá ń wá ìṣirò tí yóò kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí ó lo èyí.

Àwọn kan yóò ní kí a fi awakọ̀ méjì sí ọkọ̀ kan. Ó dára, òfin náà sì mọ̀ ọ́n. Ó ní bí àwọn méjì bá jọ wà nínú ọkọ̀, láàárín wákàtí 30 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 9, nígbà tí ọkọ̀ dúró. Oorun orí ibùsùn tí ń mì lójú ọ̀nà kò kún un. Bí àwọn méjèèjì bá dé ibi ìkẹ́rù ní agogo 6, tí wọ́n sì jáde ní agogo 12, wọn yóò wọ Kánò ní nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdajì wákàtí péré ni wọ́n fi ṣáájú awakọ̀ kan tí ó bá ẹrù rẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn tí a ti san owó ènìyàn méjì. A kò sì tíì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ lé lọ́wọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru. Ìyẹn kì í ṣe awakọ̀ kejì.

Ní ilẹ̀ wa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó a máa kìlọ̀ pé kí awakọ̀ sinmi lẹ́yìn wákàtí 4. Òfin Iṣẹ́, ní ìpín 13 rẹ̀, sọ pé ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, àti ọjọ́ kan gbáko láàárín ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n iye wákàtí iṣẹ́ gan-an, àdéhùn àárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni òfin náà fi í sí. Àdéhùn wo ni awakọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ìgbà tí ó bá lọ tí ó bọ̀ lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe? Oorun rẹ̀ ni ó ń tà.

Ibí yìí ni òfin Yúróòpù ti ju tiwa lọ jìnnà. Ìpín 10 rẹ̀ kò gba ilé iṣẹ́ láàyè láti sanwó fún awakọ̀ nítorí jíjìn ọ̀nà tí ó rìn tàbí nítorí yíyára dé, bí irú owó bẹ́ẹ̀ yóò bá mú un fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wéwu. Bí awakọ̀ bá rú òfin wákàtí, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó máa dáhùn. Ìpín náà kò sì fi ẹni tí ó ni ẹrù sílẹ̀: òun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ rí i pé àkókò tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí bá òfin mu. Ní ọ̀dọ̀ wa, awakọ̀ nìkan ni ọlọ́pàá ń mú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní pé a kò lè mọ ẹni tí ó rú òfin, kò tíì ronú. Nínú ọkọ̀ wọn ní Yúróòpù, ẹ̀rọ kan wà tí ń kọ wákàtí ìwakọ̀ àti ìsinmi sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń dín eré ọkọ̀ kù, tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú àwọn ọlọ́kọ̀ èrò àti ẹrù láti lò ní 2016, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé kò bìkítà fún iye wákàtí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹrù wà. Kí wọ́n kọ wákàtí tí awakọ̀ dé ibi ìkẹ́rù, wákàtí tí ó jáde àti wákàtí tí ó dé ibi tí ó ń lọ sínú rẹ̀. Bí ìwé bá fi hàn pé ọkọ̀ kúrò ní Èkó ní ọ̀sán òní, tí ó sì dé Kánò ní òwúrọ̀ ọ̀la, a kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ pé ẹnì kan kò sùn. Níbi jàǹbá pẹ̀lú, ọ̀nà ìtọpinpin wà: bí ọkọ̀ bá jáde kúrò lójú títì níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀ díẹ̀, tí a kò sì rí àmì búrẹ́kì lójú ọ̀dà, kí wọ́n tètè béèrè ìwé ẹrù náà.

Ìṣòro kan kù tí òfin nìkan kò lè tán. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé ẹ̀rù olè ni kì í jẹ́ kí àwọn dúró, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a bá ní kí ó pa ẹ̀rọ ọkọ̀ ní agogo 7 alẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi tí ó ní iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́. Láti Èkó sí Ìbàdàn, a mọ Ògèrè. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sókè, níbi tí ìṣirò wa gbé awakọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, kí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Kwara sọ fún wa ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó sùn sí.